Tánkì tí ìdí ẹ̀ rí bí ìlàjì bọ́ọ̀lù: ibi tí máàkì ti ń jábọ́

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní lẹ́sìnnì ní Kàbà títí dé Ìsánlú mọ̀ dáadáa, torí irú ẹ̀ kì í pẹ́ yọjú: tánkì omi kan, òkè ẹ̀ jẹ́ sílíńdà, ìdí ẹ̀ rí bí ìlàjì bọ́ọ̀lù. Dayámítà ẹ̀ jẹ́ 210 cm, gíga gbogbo tánkì náà látòkè délẹ̀ jẹ́ 3.05 m. Lítà omi mélòó ló máa gbà tí a bá lo 22/7 fún π?

Fọ́múlà méjì péré ló fẹ́, πr²h fún sílíńdà àti ⅔πr³ fún ìlàjì bọ́ọ̀lù, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì ti há méjèèjì sórí. Ohun tó ń gba máàkì lọ́wọ́ wọn ni nọ́ńbà tí wọ́n ń kó sínú fọ́múlà.

Àkọ́kọ́ ni gíga. 3.05 m yẹn kì í ṣe gíga sílíńdà o, ìdí roboto yẹn wà nínú ẹ̀. Ìlàjì bọ́ọ̀lù kan, bó ṣe jìn sísàlẹ̀ náà ni rédíọ́ọ̀sì ẹ̀ ṣe jẹ́, rédíọ́ọ̀sì sì jẹ́ ìdajì 210 cm, ìyẹn 105 cm, tàbí 1.05 m. Tí a bá yọ 1.05 kúrò lára 3.05, ó ku 2 m fún sílíńdà. Kí ọmọ ya tánkì náà sórí pépà, kó fi ìlà pín in níbi tí sílíńdà parí sí, kó tó kọ nǹkankan. Ẹni tó yà á kì í sábà ṣì í.

Ibi tó burú jù ni sẹ̀ntímítà àti mítà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi cm kọ ọ̀kan, wọ́n fi m kọ èkejì. Ọmọ tí ò wò ó á ṣe 22/7 × 105 × 105 × 2, á rí 69,300, á pè é ní cm³, á fi 1,000 pín in, ó di lítà 69.3. Kẹ́ẹ̀gì 25 mẹ́ta ò ní kún. Tánkì tó ga ju àgbàlagbà lọ, tí èèyàn lè nà gbalaja sínú ẹ̀, ṣé kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta ò ní kún ni omi tó máa gbà? Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ìdáhùn ti ṣì nìyẹn, kí wọ́n máa fi kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń pọnmi nílé wò ó.

Mítà ni ká sọ gbogbo ẹ̀ dà látìbẹ̀rẹ̀. 22/7 × 1.05 × 1.05 jẹ́ 3.465. Ìlọ́po 2 ẹ̀ jẹ́ 6.93 m³, sílíńdà nìyẹn. Ti ìlàjì bọ́ọ̀lù, ⅔ × 3.465 × 1.05, ó jẹ́ 2.4255 m³. Àpapọ̀ wọn 9.3555 m³.

Ibí náà làwọn kan tún ti ń ṣubú, wọ́n á ní 100 cm ló wà nínú mítà kan, nítorí náà kí wọ́n fi 100 sọ m³ di cm³. Rárá. Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo àpótí pákó kan tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan. Lítà kan jẹ́ àpótí kékeré tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ jẹ́ 10 cm. Mẹ́wàá á tò sí gígùn ẹ̀, mẹ́wàá sí fífẹ̀, ọgọ́rùn-ún ti bo ilẹ̀ àpótí nìyẹn, a tún máa tò wọ́n léra nígbà mẹ́wàá kó tó kún. 1,000 lítà ló wà nínú 1 m³, torí náà tánkì wa gba lítà 9,355.5, ó lé díẹ̀ ní kẹ́ẹ̀gì 374.

Nígbà míì wọ́n á ní ká wá ibi tí ọ̀dà máa kàn níta tánkì, tó lómorí pẹrẹsẹ. Ara sílíńdà, 2πrh, jẹ́ 13.2 m². Ìdí roboto, 2πr², jẹ́ 6.93. Ọmọrí, πr², jẹ́ 3.465. Àpapọ̀ 23.595 m². Ẹ má ka ibi tí sílíńdà àti ìdí ti pàdé, inú tánkì nìyẹn wà, búrọ́ọ̀ṣì ò lè débẹ̀.

Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e ni ti páìpù: omi ń wọlé ní lítà 15 níṣẹ́jú kan, ìgbà wo ló máa kún? 9,355.5 pín sí 15 jẹ́ ìṣẹ́jú 623.7. Tí a bá tún fi 60 pín in, ó jẹ́ wákàtí 10.395, ọ̀pọ̀ á sì kọ wákàtí mẹ́wàá àti ìṣẹ́jú 39. Àmọ́ ìdá wákàtí ni .395 yẹn, ó gbọ́dọ̀ lọ́po 60 kó tó di ìṣẹ́jú, ó sì jẹ́ 23.7. Tí wọ́n bá ṣí páìpù náà láago mẹ́fà àárọ̀, á kún láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá nǹkan bí ìṣẹ́jú 24.