Nígbà tí Ilẹ̀kùn Ọkàn Bá Ń Jò

Káfíńtà kan ní Àkúrẹ́, ẹni ọdún 36, yà sí ilé olóògùn kan nítòsí Ọjà Ọba nítorí orí fífọ́. Wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀, ó jẹ́ 160/50. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Nọ́ńbà òkè nìkan ni wọ́n wò, bẹ́ẹ̀ ti ìsàlẹ̀ gan-an ló ń sọ̀rọ̀.

Ẹ yọ 50 kúrò nínú 160, ó ku 110. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ 120/80, 40 péré ni àlàfo tirẹ̀.

Fáàfù kan wà níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde láti inú ọkàn bọ́ sínú áọ́tà, iṣan ńlá tó ń gbé e káàkiri ara. Bí ọkàn bá ti tú ẹ̀jẹ̀ jáde tán, ó yẹ kí fáàfù yìí padé gbọn-in. Bí kò bá padé, apá kan ẹ̀jẹ̀ náà á tún ṣàn padà. Áọ́tíìkì rìgọ́jìtéṣọ̀n nìyẹn. Èyí tó ṣàn padà á bá èyí tó ń ti ẹ̀dọ̀fóró bọ̀ pàdé, ọkàn á ní láti ti gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, nọ́ńbà òkè á sì gòkè. Nígbà tí ọkàn bá ń sinmi, ìfúnpá inú áọ́tà á máa jò lọ, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ á wálẹ̀.

Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọwọ́ aláìsàn ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé sókè. Ìlù iṣan ọrùn ọwọ́ á gbá mi bí òòlù, á sì dákẹ́ lójijì. Iṣan ọrùn á máa fò, nígbà mìíràn orí á máa mì bí ọkàn ṣe ń lù. Ṣùgbọ́n àìtó ẹ̀jẹ̀ tó le, ibà, tàbí iṣan tó ti gan nítorí ọjọ́ orí lè fẹ àlàfo náà pẹ̀lú. Bí jíjò bá sì bẹ̀rẹ̀ lójijì, àlàfo lè má fẹ̀ rárá, nítorí ọkàn kò tíì ráyè gbòòrò. Èémí á kàn máa há aláìsàn mọ́ àyà, ìyẹn kò sì gba ìdúró.

Ibà tó máa ń tẹ̀lé ọ̀fun dídùn nígbà èwe, tó sì ń ba fáàfù jẹ́, ló fa ti káfíńtà yìí. Fáàfù abewé méjì tí wọ́n bí mọ́ èèyàn dípò mẹ́ta, tàbí áọ́tà tó fẹ̀ jù, lè fà á bákan náà.

“Nọ́ọ̀sì, mo ṣì ń gbé pákó o,” ló sọ fún mi. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ọkàn lè gbòòrò fún ọ̀pọ̀ ọdún kí olówó rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n lára. Bí jíjò tó le bá ti ń mú kí èémí máa tán nílẹ̀, iṣẹ́ abẹ ti tó. Bí kò bá mọ nǹkan kan lára, àwòrán ọkàn la ó wò. Ìlànà àwọn oníṣègùn ọkàn Amẹ́ríkà ti 2020 ní kí a ṣe é bí ohun tí ọkàn ń tú jáde nínú ẹ̀jẹ̀ tó kún inú rẹ̀ bá jẹ́ ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí kó dín. Wọ́n tún ní ó bọ́gbọ́n mu bí ìbú inú ọkàn lẹ́yìn tó fún pọ̀ tán bá ju mílímítà 50 lọ. Ti káfíńtà yìí jẹ́ ìdá 53 àti mílímítà 52. Ká ní 62 àti 42 ni, àwòrán oṣù mẹ́fà sí ọdún kan la ó máa fi ṣọ́ ọ.

Fáàfù onírin tàbí ti ẹran ni wọ́n lè fi sí i. Ti irin máa ń pẹ́ jù, ṣùgbọ́n á ní láti máa lo wáfárìn, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, títí ayé. Ayùn ló sì fi ń jẹun. Ìyẹn ni òun àti dókítà ń jíròrò lé lórí báyìí.