Lẹ́tà tí kì í dá ojú lágara: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè pàṣẹ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pa fọ́ńtì Calibri tì, kí wọ́n padà sí Times New Roman tí wọ́n fi sílẹ̀ ní 2023. Àtìgbà náà ni ìbéèrè ti ń wọlé.

Nínú méjèèjì, èwo ló tu ojú lára jù?

Kò sí. Bí ìwọ̀n àti àlàfo bá ti dáa, èèyàn á ka ìkọ̀ọ̀kan wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Mo fi Times New Roman àti Verdana sí 12 bákan náà. Kí ló dé tí Times fi kéré?

Nítorí pé 12 yẹn kì í ṣe gíga lẹ́tà. Àpótí tí a kò rí, tí lẹ́tà jókòó sínú rẹ̀, ni wọ́n ń wọ̀n. Àṣà ayé ìgbà tí wọ́n ń fi irin tẹ̀wé ni. Gíga àwọn lẹ́tà bíi x ni ojú ń rí. Ní 12, x ti Times kò tó pọ́íǹtì 5.5, ti Verdana lé ní 6.5 díẹ̀. Kí Times tó bá a dọ́gba, ó máa tó 14.5. Ẹ tẹ xxx ní méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ ó rí i.

Ọ̀gá mi ní kí àlàfo ìlà jẹ́ 1.5. Ṣé kò pọ̀ jù?

Ó sinmi lórí ibi tí ẹ ti ń kọ ọ́. Bí ẹ bá kọ `line-height: 1.5` fún ojú ìwé ayélujára, lẹ́tà 12 á gba ìlà 18. Gíga ìlà tí fọ́ńtì bá wá ni Word ń sọ di ìlọ́po ní tirẹ̀. Ti Times 12 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 14, nítorí náà 1.5 á di bíi 21. Ìyẹn ti gbòòrò jù lójú tèmi, 1.2 tó.

Àmọ́ gígùn ìlà ló sábà máa ń fa wàhálà. Lórí A4 tí etí rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.5, Times 12 á kó nǹkan bí lẹ́tà 90 sórí ìlà kan. Bí ojú bá ń padà bọ̀ láti ìparí ìlà, á ṣìnà: ẹ ó tún ìlà kan náà kà, tàbí kí ẹ fo ọ̀kan. Ẹ fa etí méjèèjì wá sí sẹ̀ǹtímítà 4, yóò kù sí 70 àti díẹ̀. Láàárín 45 sí 75 ló rọrùn.

Àmì ohùn mi ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn kan tiẹ̀ gé lórí. Ṣé ojú mi ni?

Rárá o. Kò sí ẹ́ tó jẹ́ odidi kan nínú kọ̀ǹpútà; ẹ ni, wọ́n wá gbé àmì lé e. Fọ́ńtì tí kò mọ ibi tó yẹ kó gbé e sí á sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ẹ tó yan fọ́ńtì, ẹ fi Ẹ́, ọ̀ àti ṣ dán an wò. Èyí tó gé lórí, "Exactly" ni ẹ fi àlàfo sí; ẹ yí i sí "Multiple".

Ṣé lẹ́tà wínníwínní lè fọ́ èèyàn lójú?

Kò lè fọ́ ọ. Yóò kàn mú kó rẹ ojú, orí náà sì lè máa fọ́. Bí ẹ bá ti sọ lẹ́tà di 16 lórí ìwé tó ṣì ń ṣú bàìbàì, ẹ fi fọ́ńtì sílẹ̀, ẹ lọ rí dókítà ojú.