Nígbà tí wọ́n bá ń yọ máàkì, ṣé kéèyàn yí ìdáhùn padà?

JAMB, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Bwárì ní Àbújá, kì í yọ máàkì fún ìdáhùn tí kò tọ̀nà. Níbẹ̀, ẹni tó fi ìbéèrè sílẹ̀ láìdáhùn ló fìyà jẹ ara rẹ̀. Àwọn ìdánwò mìíràn kì í rí bẹ́ẹ̀.

Ká mú ìdánwò ìdánrawò kan nílé lẹ́sìn ní Kúbwa. Máàkì 3 ni ti ìdáhùn tó tọ̀nà, wọ́n á yọ 1 fún èyí tó kùnà, èyí tí a kò fọwọ́ kàn kò ní èrè kò ní àdánù. Ìdáhùn mẹ́rin ló wà lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá kàn ń méfò lórí ìbéèrè mẹ́rin, ọ̀kan ló sábà máa bọ́ sí i: 3 wọlé, 3 jáde, òfo. Ṣùgbọ́n bó bá dá a lójú pé ọ̀kan nínú mẹ́rin kò lè tọ̀nà, mẹ́ta péré ló kù. Nínú irú ìbéèrè mẹ́ta bẹ́ẹ̀, 3 á wọlé, 2 á jáde. Ó ti jèrè nìyẹn.

Ti yíyí ìdáhùn padà ló ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Wọ́n á ní kí ọmọ di èyí tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn mú, ìmọ̀ràn yìí sì ti gba máàkì lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ. Ní 2005, Justin Kruger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí ìdánwò akẹ́kọ̀ọ́ 1,561 ní Yunifásítì Illinois. Nínú ọgọ́rùn-ún ìdáhùn tí wọ́n yí padà, bí 51 kúrò nínú àṣìṣe bọ́ sí òótọ́; 25 ló fi òótọ́ sílẹ̀; ìyókù ti orí àṣìṣe kan bọ́ sórí òmíràn. Èyí tó tọ̀nà téèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ pa rẹ́ ló máa ń dunni jù, òun náà ni a kì í gbàgbé.

Wọ́n béèrè olú ìlú ìpínlẹ̀ Násáráwá. Ọmọ kan mú Kéfí, torí ibẹ̀ ló máa ń gbà bó bá ń lọ sí Jọ́ọ̀sì. Nígbà tó yá, ìbéèrè mìíràn mẹ́nu ba ọ́fíìsì gómìnà ní Láfíà. Bó bá padà lọ yí i, yóò kúrò lórí àdánù 1 bọ́ sórí èrè 3: ìyàtọ̀ 4. Ká ní Kéfí ló tọ̀nà tó sì yí i, 4 náà ni ì bá pàdánù. Iye kan náà ló wà lọ́tùn-ún lósì, nítorí náà máàkì tí wọ́n ń yọ kò gbọdọ̀ dẹ́rù bà á. Kó ṣáà wo èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù.

Ẹ̀rí ni pé ó ti fojú fo “kì í ṣe” nínú ìbéèrè, tàbí pé ó tún ìṣirò ṣe tí iye mìíràn jáde. Pé C ti tẹ̀ léra lẹ́ẹ̀mẹ́rin kì í ṣe ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ ni àyà tó ń já nígbà tí àkókò bá ku ìṣẹ́jú méjì. Irú àyípadà bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ máàkì.

Ní ti pípa ìdáhùn rẹ́ kí ibẹ̀ ṣófo, kò lérè níbí: bí ìrètí pé ó tọ̀nà bá tiẹ̀ kéré sí ọ̀kan nínú mẹ́rin, ọ̀kan nínú mẹ́ta yòókù gbọ́dọ̀ sàn jù ú lọ, èyí ni kó yí i sí.