Omi tó ń jò nínú ògiri balùwẹ̀: kí lẹ máa kọ sí lánlọ́ọ̀dù?

Tí páìpù bá ń jò níta, gbogbo ayé ló ń rí i. Èyí tó wà nínú ògiri lẹ́yìn táìlì ló ń dààmú èèyàn, torí ẹ ò ní rí omi kankan, ẹ kàn máa rí i pé péǹtì yàrá tó fẹ̀yìn ti balùwẹ̀ ń wú, ó ń ṣí, aṣọ inú wọ́dírọ́bù sì ń rùn. Ibi tó sábà máa ń wà ni élíbò ẹ̀yìn ṣáwà, ìyẹn kọ́nà páìpù, níbi tí páìpù rọ́bà ti pàdé irin, tí wọ́n bá ti fún un jù nígbà tí wọ́n ń dè é, ó lè là díẹ̀díẹ̀. Púlọ́ḿbà á wá, á fi símẹ́ǹtì funfun dí ojú táìlì, á gbowó, á lọ. Àmọ́ omi ò bá símẹ́ǹtì funfun ṣeré o, á kàn wá ọ̀nà míì gbà.

Kẹ́ ẹ tó kọ nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó ń jò. Lálẹ́, ẹ jẹ́ kí táǹkì kún, ẹ sàmì sí ibi tí omi dé, ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi pa, títí kan fáàfù kékeré ìdí tọ́ílẹ́ẹ̀tì torí tíyẹn náà bá ń jò ó máa tàn yín jẹ. Tí ilẹ̀ bá mọ́ tómi ti lọ sílẹ̀, páìpù tó ń gbé omi wá ni. Tí kò bá lọ sílẹ̀, tó jẹ́ ìgbà tẹ́nì kan bá wẹ̀ nìkan ni ògiri ń tutù, ẹ wo àárín táìlì tàbí páìpù omi ìdọ̀tí.

Wàyí o, ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

“Ẹ káàárọ̀ sà. Ògiri balùwẹ̀ tún ti ń tutù, ibi tí púlọ́ḿbà dí lóṣù Kẹta náà ni, lábẹ́ ṣáwà. Lálẹ́ àná a ti gbogbo ẹ̀rọ omi pa, kó tó di àárọ̀ omi táǹkì ti lọ sílẹ̀ bí ìka mẹ́ta, torí náà páìpù inú ògiri ló ń jò. Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí wọ́n bá tún kàn fi símẹ́ǹtì dí i, á tún padà wá ni. Kí wọ́n fọ́ táìlì ibẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ élíbò yẹn, kí wọ́n ṣí omi sí i kó sùn di ọjọ́ kejì ká wò ó kí wọ́n tó rẹ́ ẹ. Fọ́tò wà nísàlẹ̀. Mo wà nílé ní Sátidé látàárọ̀. Ẹ ṣé sà.”

Ẹ wò ó, kò sí ìbínú níbẹ̀, kò sì sí “ilé yìí ti sú mi”. Ibi tó ń jò, ìgbà tí wọ́n ti ṣe é rí, ẹ̀rí, àti iṣẹ́ gan-an tẹ́ ẹ fẹ́. Gbólóhùn pé kómi sùn nínú páìpù di ọjọ́ kejì yẹn, ẹ má yọ ọ́ o, torí ọ̀pọ̀ púlọ́ḿbà á fẹ́ rẹ́ ẹ lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n lè tètè lọ.

Tí súwíìṣì hítà bá wà lára ògiri tó tutù yẹn, ẹ pa bíréékà rẹ̀ kí púlọ́ḿbà tó dé, kẹ́ ẹ sì fi kún lẹ́tà náà pé kí wọ́n pe eléléètíríìkì wá. Tí lánlọ́ọ̀dù bá ní kí wọ́n tún péǹtì kùn lọ́sẹ̀ kan náà, ẹ ní kó ṣe sùúrù, ògiri tómi ti wọ̀ máa ń gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó tó gbẹ dénú, tí wọ́n bá kùn ún kó tó gbẹ, á tún wú.