Bí a ṣe ń ka ọjọ́ ìbí nínú nọ́mbà ìdánimọ̀ Gúúsù Áfíríkà

NIN tiwa ní Nàìjíríà kì í sọ ọjọ́ orí ẹni tó ni ín. Ẹyọ nọ́mbà 11 ni, kò sì sí ọjọ́ ìbí kankan nínú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, àfi kó wò ó nínú àkọsílẹ̀ NIMC. Ti Gúúsù Áfíríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹyọ 13 ni tiwọn, ọjọ́ ìbí sì ni mẹ́fà àkọ́kọ́: méjì fún ọdún, méjì fún oṣù, méjì fún ọjọ́. Àpẹẹrẹ tí wọ́n sábà máa ń fi kọ́ni nìyí:

```
800101 5009 0 8 7
```

Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1980 nìyẹn. Mẹ́rin tó tẹ̀ lé e ń sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin: láti 5000 lọ sókè, ọkùnrin ni, èyí tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, obìnrin ni. 0 tó tẹ̀ lé e fi hàn pé ọmọ orílẹ̀-èdè náà ni. Ẹyọ tó ṣìkejì ìkẹyìn kò ní iṣẹ́ mọ́ lóde òní. Ẹyọ ìkẹyìn ń ṣọ́ àwọn yòókù, a ó padà sí i.

Tí ẹnìkan bá kọ ọjọ́ orí rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, ọdún ìbí la ó yọ kúrò nínú ọdún tí a wà, a ó sì wò ó bóyá ọjọ́ ìbí rẹ̀ ti kọjá lọ́dún náà. Ká ní fọ́ọ̀mù náà jẹ́ ti ọjọ́ 15 oṣù kẹfà 2025, tí nọ́mbà sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 971120. Yíyọ 1997 kúrò nínú 2025 á fún wa ní 28, ṣùgbọ́n ogúnjọ́ oṣù kọkànlá kò tíì dé, nítorí náà ọmọ ọdún 27 ni. Tí onítọ̀hún bá kọ 28, kò yẹ ká pè é ní onírọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ka ọdún tí wọ́n ń lọ bọ́ sí mọ́ ọjọ́ orí wọn. Ẹ béèrè ọjọ́ ìbí gan-an lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ á yanjú.

Ọdún tí wọ́n gé kúrú sí ẹyọ méjì tún ní ìṣòro tirẹ̀. 18 lè jẹ́ 1918, ó sì lè jẹ́ 2018, kò sì sí ohun tó pín wọn níyà nínú nọ́mbà náà. Àwọn ará Finland ní àmì kan nínú tiwọn tó ń sọ ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n bí èèyàn. Gúúsù Áfíríkà kò ní in. Ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko ló wà láàárín ìtumọ̀ méjèèjì, nítorí náà ọjọ́ orí tí onítọ̀hún fẹnu ara rẹ̀ sọ ló máa yan èyí tó tọ́. Tí kò bá bá ìkankan nínú méjèèjì mu, nǹkan kan wà níbẹ̀.

Ohun tó wà níbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ àṣìtẹ̀. Iṣẹ́ ẹyọ ìkẹyìn nìyẹn, ìlànà Luhn tó wà lórí káàdì báǹkì ló sì ń tẹ̀ lé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì, ẹ sọ ẹyọ kejì, ìkẹrin, ìkẹfà títí dé ìkejìlá di ìlọ́po méjì. Èyí tó bá kọjá 9, ẹ yọ 9 kúrò nínú rẹ̀. Ẹ wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àpẹẹrẹ òkè yìí á fún yín ní 40, ó sì tọ́, nítorí pé 0 ló fi parí. Tí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ bá ṣèèṣì kọ 801001 dípò 800101, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1980 ni yóò dà, ọjọ́ tó wà dáadáa nínú kàlẹ́ńdà. Àmọ́ àròpọ̀ á di 39, àṣírí á sì tú.

Tí ẹyọ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá pààrọ̀ ipò, àyè kan ṣoṣo wà tí olùṣọ́ yìí kì í rí: ìgbà tí wọ́n bá jẹ́ 9 àti 0. Ìlọ́po méjì 9 ni 18. Yọ 9 kúrò, 9 náà ló kù, nítorí náà àròpọ̀ kò yí padà. Ẹ wo ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún 1990, tí nọ́mbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 900514. Tí wọ́n bá tẹ 090514, kọ̀ǹpútà á gbà á láìjiyàn, á sì kà á sí ọmọ ọdún 16 lọ́jọ́ fọ́ọ̀mù yẹn, nígbà tí ẹni ọdún 35 dúró síwájú yín. Ọjọ́ orí tó kọ sínú fọ́ọ̀mù nìkan ló lè tú àṣìṣe yìí fó. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí fọ́ọ̀mù kankan máa fúnra rẹ̀ kọ ọjọ́ orí láti inú nọ́mbà láìbi onítọ̀hún léèrè.

Kódà tí méjèèjì bá bá ara wọn mu, ohun tó fi hàn kò ju pé wọn kò ta kora lọ. Ẹni tó mú nọ́mbà ẹlòmíràn wá lè ti ka ọjọ́ ìbí lára rẹ̀ kó tó kọ fọ́ọ̀mù. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ náà sì lè má jẹ́ òótọ́. Tí ìjọba bá wá tún ọjọ́ ìbí èèyàn ṣe, nọ́mbà náà yóò yí padà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé inú rẹ̀ ni ọjọ́ náà wà. Ẹ lè wá rí ẹni tó gbé ìwé méjì dání, tí nọ́mbà ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì, láìsí jìbìtì kankan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.