Ẹ Má Tíì Ra Agbada fún Màmá

Ọmọkùnrin kan mú màmá rẹ̀ wá sí kílíníìkì wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kí n tó bi màmá léèrè ohun tó ń ṣe é, ọmọ ti na fóònù sí mi: fọ́tò agbada tuntun, sítóòfù gáàsì, àti agboòrùn ńlá. Ó ní ojú màmá ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ṣì dùn, àwọn sì fẹ́ kí wọ́n máa din àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà ní Bẹẹrẹ. Òun ni ẹnìkẹta tó gbé irú ọ̀rọ̀ yìí wá láàárín oṣù kan. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ojú n'Ìbàdàn. Apá tí epo gbígbóná ti bó tí mo ti bá wọn dì kì í ṣe kékeré.

Ẹ ò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ohun tí màmá lè sè. Ohun tó ń ṣe ojú wọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Bó bá jẹ́ kátáráàtì ni, ìyẹn ni pé dígí inú ojú ti funfun bí omi ògì, ẹ fi òwò sílẹ̀ ná. Iṣẹ́ abẹ la fi ń yọ ọ́, a óò sì fi dígí mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń padà sídìí ọjà tí wọ́n ti ń tà tẹ́lẹ̀, láìwá òwò tuntun kankan.

Ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbé wọn wá. Alábẹ́rẹ́ tó ń kiri àdúgbò lẹ ó lọ bá. Màmá kan tó ń ta ẹ̀lúbọ́ kó gbogbo owó àjọ rẹ̀ fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Ó gún ojú màmá lábẹ́rẹ́, ó sì ti dígí funfun náà ṣubú sẹ́yìn. Màmá ríran lọ́jọ́ náà o! Wọ́n jó, wọ́n sì san owó tó kù. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ojú fi wú, tó pọ́n bí ata, tí kò jẹ́ kí wọ́n sùn. Dígí ò jáde, inú ojú ló ṣì wà, bí ìgbà téèyàn gbá pàǹtí sábẹ́ ẹní. Abẹ́rẹ́ ìdọ̀tí sì ti kó àrùn wọlé. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé màmá dé ọ̀dọ̀ wa, ojú yẹn ti kú. Ojú tí à bá yọ kátáráàtì rẹ̀ kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán! Owó ẹ̀lúbọ́ lọ, ojú náà lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń fi ìtọ̀, oyin tàbí omi àlùbọ́sà kán ojú, mi ò tíì gbàgbé yín, àyè ni ò gbà mí.

Èyí tí kò ní àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ni gìlọ́kómà, àrùn tó ń jẹ iṣan ìríran díẹ̀díẹ̀. Ìwọ̀n ojú tó bá ti jẹ kò ní padà mọ́. Oògùn tí à ń kán sójú lójoojúmọ́ ló ń dá èyí tó kù dúró. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ. Ohun tí àwọn ọmọ tó ń ra agbada ò mọ̀ nìyẹn. Màmá á rí àkàrà tó ń hó láàárín epo, ṣùgbọ́n wọn ò ní rí etí agbada, wọn ò sì ní rí ọmọ ọdún mẹ́rin tó ń sáré bọ̀ láti ọwọ́ òsì.

Iṣẹ́ tó yẹ irú ojú bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ìka àti imú lè ṣe adájọ́ rẹ̀. Màmá kan tí à ń tọ́jú, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, ògì ni wọ́n ń ṣe ní Òkè-Àdó. Kóńgò àgbàdo mẹ́rin ni wọ́n ń rẹ lọ́sẹ̀, nínú ike onídèérí. Ọjọ́ méjì tó nígbà ooru, ọjọ́ mẹ́ta nígbà ọyẹ́, wọ́n sì ń pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n á fi èékánná tẹ àgbàdo wò: bó bá fọ́ wẹ́rẹ́, ó ti tó lọ̀. Ọmọ-ọmọ ló ń gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Màmá fúnra wọn ló ń fi aṣọ sẹ́ ẹ, wọ́n á fi àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀là ra á wò bóyá èèrí ṣì wà nínú rẹ̀. Ìka wọn ń mú ohun tí ojú èmi ò rí. Bó bá sùn mọ́jú tó sì tòrò, wọ́n á da omidùn kúrò, wọ́n á rọ ògì sínú àpò, wọ́n á sì gbé òkúta lé e. Ife kan náà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, wọ́n á fi ọwọ́ ré orí rẹ̀, wọ́n á sì dì í sí ọ̀rá.

Ibi kan wà tí imú ò tó o. Àgbàdo tó ti bu lè má rùn, májèlé inú rẹ̀ ò sì ní torí ìrẹ̀ tàbí ìsè lọ tán. Nítorí náà, ẹni tó ríran ló gbọ́dọ̀ ra àgbàdo ní Bódìjà, kó ṣà á lójú oòrùn, kó sì yẹ ojú ògì wò láràárọ̀. Bó bá rí ohun tó pọ́n tàbí tó dúdú lórí rẹ̀, kó da gbogbo rẹ̀ nù. Ẹ má bù ú kúrò lórí kẹ́ ẹ ta ìyókù.

Owó wá ni ẹjọ́ mi gan-an. Náírà 100, 200, 500 àti 1,000, bákan náà ni wọ́n ṣe gùn tí wọ́n sì fẹ̀, ìka ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Wọ́n tún yí àwọ̀ 200, 500 àti 1,000 padà ní ìparí ọdún 2022, tàtijọ́ tàtuntun la sì jọ ń ná. Ẹnìkan ti fún màmá yìí ní 200, ó pè é ní 1,000, ó sì gba ṣéńjì lọ! Láti ọjọ́ náà, iye kan ṣoṣo ni wọ́n ń tà: ọ̀rá kan, 500. Ẹni tó bá mú 1,000 wá, kó gba ọ̀rá méjì. Kò sí ṣéńjì. Nílé, ọmọ-ọmọ á ka owó, á ṣẹ́ 500 po lẹ́ẹ̀kan, á ṣẹ́ 1,000 po lẹ́ẹ̀mejì, kí màmá lè mọ èyí tí wọ́n ń mú jáde. Ẹni tó bá ní òun ti fi owó ránṣẹ́, kó dúró kí ọmọ wo iye tó wà nínú àkáǹtì. Àléètì lórí fóònù oníbàárà kì í ṣe owó. Owó oògùn ojú ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń yọ, kí wọ́n tó pe ìyókù ní èrè.

Ẹ ti ń bi mí bóyá màmá tí ò ríran dáadáa lè fi ọ̀rọ̀ sísọ pawó. Màmá tó mọ oríkì, tó sì lè pa wọ́n lẹ́rìn-ín, lè ṣe alága ìjókòó níbi ìgbéyàwó, bí ẹni tó ríran bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí yóò máa kó owó tí wọ́n bá dá. Ìmọ̀ràn ní tirẹ̀, wọn kì í sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn ìyálọ́mọ tó ń ra ògì ń jókòó béèrè bí ọmọ á ṣe mu ún, wọ́n sì ń padà wá. Ìdí ògì lowó ìmọ̀ràn wà.

Ọmọ alágbada bi mí pé ṣé kóun dá ọjà padà ni. Màmá tí ò tíì sọ̀rọ̀ látàárọ̀ wá dáhùn: "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi bi í, ta ló bi mí? Aṣọ òkè ni mò ń tà kí ojú yìí tó ṣú."

A yẹ ojú wọn wò. Kátáráàtì ni, lójú méjèèjì.