Fódà kan, sípù márùn-ún: ta ló gé fọ́tò ìgbéyàwó wa?

"Líǹkì fódà kan ṣoṣo ni onífọ́tò fi ránṣẹ́ sí wa. Sípù márùn-ún àti fídíò kan ló wọlé. Ṣé ó ti gé e ni?"

Kò gé nǹkan kan. Google Drive ló pín in sí sípù, ìyẹn fáìlì kan tí a di ọ̀pọ̀ fáìlì sínú rẹ̀. Ohùn kan ló ń lọ láti gúrúùpù WhatsApp kan dé òmíràn ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, pé àwọn onífọ́tò ti ń fi ìdajì fọ́tò pamọ́ títí wọn yóò fi gba bálánsì wọn. Ó lè jẹ́ pé ẹ ṣì jẹ onífọ́tò yín lówó lóòótọ́, ìyẹn wà láàárín yín. Àmọ́ sípù tó pín kì í ṣe ẹ̀rí rẹ̀.

"Kí ló dé tí kò fi di gbogbo rẹ̀ sójú kan?"

Kò sí sípù kankan nínú fódà yẹn tẹ́lẹ̀. Fọ́tò lásán ló wà níbẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá tẹ "Download" ni kọ̀ǹpútà Google ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó wọn jọ tó ń dì wọ́n. Òun ni ẹ fi ń rí "Zipping" nísàlẹ̀ ojú ìwé. Kì í sì jẹ́ kí ẹrù kan tóbi jù. Bó bá ti tó nǹkan bíi 2GB, á di èyí, á bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Ẹ jẹ́ ká mú fódà kan tó ń jẹ́ IGBEYAWO, tó tó 12GB. Fọ́tò kó 9GB níbẹ̀, nínú fódà kéékèèké mẹ́ta: Idana, Soosi, Gbongan. Fídíò kan ṣoṣo kó 3GB tó kù. 9GB fọ́tò yẹn á kún sípù mẹ́rin, èyí tó ṣẹ́ kù á wà nínú ìkarùn-ún. Fídíò náà tóbi ju ẹrù kan lọ, nítorí náà ó sábà máa ń dá wọlé, láì sí nínú sípù kankan. Orúkọ wọn á rí báyìí:

```
IGBEYAWO-20250412T093015Z-001.zip
IGBEYAWO-20250412T093015Z-002.zip
```

Ọjọ́ 12 oṣù kẹrin 2025 ni wọ́n dì í, ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú 30. Z tó wà níparí ń sọ pé aago Greenwich ni, èyí tó jẹ́ aago mẹ́wàá ààbọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ fi ojú sí àkókò yẹn, a ó tún bá a pàdé.

"Ṣé Idana ló wà nínú 001, Soosi nínú 002?"

Rárá, ibí yìí gan-an ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Google kò mọ ìdána yàtọ̀ sí gbọ̀ngàn. Ìlàjì Soosi lè wà nínú 002, kí ìyókù wà nínú 004. Àǹtí ìyàwó á ṣí 001, á rí gbogbo ará ilé ọkọ, kò ní rí ara rẹ̀, ó di ẹjọ́.

Sípù kọ̀ọ̀kan sì dá dúró. Ẹ lè ṣí 003 láì tíì ní 001 lọ́wọ́. Kò sí pé ẹ ń so wọ́n mọ́ra kí wọ́n tó ṣí.

"001 nìkan ló wọlé lọ́dọ̀ tèmi."

Chrome béèrè ìbéèrè kan tí ẹ kò kà. Bí fáìlì kejì bá fẹ́ wọlé láti ojú ìwé kan náà, ó máa ń gba àṣẹ: "Download multiple files". Ẹni tó bá tẹ "Block" ti lé 002 sí 005 padà sẹ́nu ọ̀nà nìyẹn. Ẹ tẹ àmì tó wà ní apá òsì àdírẹ́sì, ẹ wọ "Site settings", ẹ yí "Automatic downloads" sí "Allow", kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ṣé bó ṣe di sípù, kò ní dín dátà kù?"

Kò ní dín in kù. Fọ́tò JPG àti fídíò MP4 ni a ti fún pọ̀ tẹ́lẹ̀. Dátà 12GB ni yóò jẹ.

"Ó dé 1.6GB, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Mo tẹ Resume, kò lọ."

Líǹkì tí sípù yẹn ń gbà wọlé kì í pẹ́ láyé. Bí ẹ bá tètè tẹ "Resume", ó lè máa bá a lọ. Bí ẹ bá jẹ́ kó di alẹ́, ohun tí ẹ máa rí lè jẹ́ "Failed - Forbidden". Kì í ṣe onífọ́tò ló ti ilẹ̀kùn mọ́ yín. Líǹkì ọ̀hún ló ti kú.

Ọ̀pọ̀ á wá padà sí fódà, wọn á tẹ "Download" lẹ́ẹ̀kan sí i, wọn á mú 003 nìkan, wọn á sì fi kún 001 àti 002 ti àná. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àkókò inú orúkọ: ìdì tuntun ni, kò sì sí ohun tó sọ pé ó gbọ́dọ̀ pín fọ́tò bó ṣe pín in lánàá. Fọ́tò tó wà nínú 003 àná lè bọ́ sínú 002 tòní. Ẹ ó ní sípù márùn-ún lọ́wọ́, fọ́tò kan á wà lẹ́ẹ̀mejì, òmíràn ò ní sí rárá, kò sì sí àmì kankan tí yóò kì yín nílọ̀. Gbogbo sípù tí ẹ bá máa lò gbọ́dọ̀ ní àkókò kan náà.

Èmi kì í gba fódà 12GB wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo máa ń wọ inú rẹ̀, kí n mú Idana lọ́tọ̀, Soosi lọ́tọ̀, Gbongan lọ́tọ̀. Bí ọ̀kan bá já, òun nìkan ni mo pàdánù, fọ́tò ò sì ní dàpọ̀. Fídíò, mo máa ń tẹ òun fúnra rẹ̀.

"Ó wọlé, àmọ́ Windows ní kò ṣeé ṣí."

Ó ṣeé ṣe kó má tíì wọlé tán. Ìparí fáìlì ni sípù máa ń kọ àkójọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí, bí ìwé tí atọ́ka rẹ̀ wà ní ojú ewé tó kẹ́yìn. Bí ìdí rẹ̀ bá gé, Windows ò ní rí àkójọ yẹn, kódà bí fọ́tò igba bá wà lókè láìfarapa. Lórí Linux tàbí Mac, ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò báyìí:

```
unzip -t IGBEYAWO-20250412T093015Z-003.zip
```

Bó bá sọ "No errors detected", ó pé. Bó bá dárúkọ "End-of-central-directory", ó gé. Ẹ gba gbogbo wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i, kì í ṣe òun nìkan.

"Báwo ni mo ṣe máa kó wọn pọ̀?"

Ẹ tẹ "Extract All..." lórí kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ẹ má gba ibi tí Windows bá dábàá. Fódà tuntun ló máa ń ṣí fún sípù kọ̀ọ̀kan, Soosi á wá fọ́nká sí ojú mẹ́ta. Ẹ pa ibẹ̀ rẹ́, kí ẹ kọ `C:\FOTO` fún márààrún. Wọn á wọnú ara wọn, Soosi á di ọ̀kan. Ọ̀nà kúkúrú bẹ́ẹ̀ tún dára nítorí Windows kì í sábà gba orúkọ tó bá gùn ju lẹ́tà 260 lọ, pẹ̀lú fódà tó wà níwájú rẹ̀. Kí àyè tó wà lórí kọ̀ǹpútà sì tó ìlọ́po méjì, nítorí sípù àti fọ́tò á jọ wà níbẹ̀ títí ẹ ó fi pa sípù rẹ́.

"Ṣé kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì?"

Nọ́ńbà ẹ̀yìn orúkọ kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Èyí tó yẹ kí ẹ sá fún ni fọ́tò ìgbéyàwó tó parí sí `.exe`.

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé fọ́tò kankan ò ṣẹ́ kù?"

Ẹ bi onífọ́tò pé fáìlì mélòó ló kó sókè. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ọ̀tún lórí fódà IGBEYAWO tó wà nínú `C:\FOTO`, ẹ yan "Properties", ẹ ka ohun tó wà níwájú "Contains". Ẹ rántí fídíò tó dá wọlé, ó lè ṣì wà nínú "Downloads", ẹ fi òun náà kún un. Bí iye méjèèjì bá bára mu, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Bí tiyín bá kéré, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ ti tú 005. Òun ló kéré jù, òun ni wọ́n sì máa ń gbàgbé.